P/E 2 àti P/E 5: báwo la ṣe ń mọ ṣíà tí kò wọ́n lóòótọ́?

Àǹtí mi ní Ìbàdàn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n gbé ìwé kan sí iwájú mi lórí tábìlì ìjẹun. Alágbàtà ṣíà wọn ló fi ránṣẹ́. Báńkì méjì ló wà lórí rẹ̀: iye tí wọ́n ń ta ṣíà kọ̀ọ̀kan, èrè tí ṣíà kan pa lọ́dún tó kọjá, àti P/E ní ìparí ìlà. Ti báńkì kìíní jẹ́ 2, ti èkejì jẹ́ 5. Wọ́n ti fi báírò pupa yí 2 po.

"Wò ó," wọ́n ní, "ṣé ìkejì kò wọ́n ju èyí lọ ni? Ọdún méjì péré, owó mi ti pé."

P/E kò ju kí a mú iye tí wọ́n ń ta ṣíà kan, kí a fi èrè tí ṣíà kan pa pín in. Ó ń sọ iye náírà tí ọjà ń san lórí náírà kan tí ilé-iṣẹ́ náà ń pa lérè. Bí Àǹtí ṣe kà á kò burú, bí èrè ọdún tó kọjá yóò bá máa wá bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà mẹ́rin ni èèyàn lè gbà lo nọ́ńbà yìí. A lè fi èrè ọdún tó kọjá ṣe é, a lè fi èrè ọdún tó ń bọ̀ ṣe é, a lè fi èrè tí a ti tẹ́jú láti ọdún púpọ̀ ṣe é, a sì lè jókòó ṣírò iye P/E tó tọ́ sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí a wá gbé e ka iwájú èyí tí ọjà ń san.

Ohun mẹ́ta ni mo máa fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, ṣé èrè tí a fi pín yìí á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀? Èkejì, báwo ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ìwé wo ló sì gbà? Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: ṣé ó ń sọ fún wa ohun tó tọ́ sí ilé-iṣẹ́ yìí, àbí bí wọ́n ṣe ń ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń sọ?

Èrè ọdún tó kọjá

Èyí ló wà lórí ìwé Àǹtí, òun náà ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Kò náni ní kọ́bọ̀, ìwé tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò ló ti jáde, kò sí àsọtẹ́lẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè sá pamọ́ sínú rẹ̀.

Ọdún 2023 fi èyí hàn wá kedere ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 470 náírà lọ́dọ̀ ìjọba ti wà ní nǹkan bí 900 nígbà tí ọdún fi parí. Báńkì tí dọ́là tó ní ju dọ́là tó jẹ lọ kọ èrè ńlá sílẹ̀, láìjẹ́ pé ó yá ẹnikẹ́ni lówó sí i. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè dọ́là kọ àdánù sílẹ̀: MTN Nàìjíríà àti Nestlé Nàìjíríà pa ọdún 2023 dé pẹ̀lú àdánù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Báńkì Àpapọ̀ sọ fún àwọn báńkì pé wọn kò gbọdọ̀ fi èrè tí dọ́là mú wá yìí san dífídẹ́ńdì tàbí kí wọ́n fi ṣe ìnáwó iṣẹ́. Èrè tí wọn kò gbọdọ̀ fún wa nínú rẹ̀, ìyẹn náà ló wà nísàlẹ̀ P/E tí a ń yọ̀ sí.

Mo ní kí Àǹtí jẹ́ ká ṣí ìròyìn ọdọọdún báńkì kìíní. Wọ́n ń ta ṣíà rẹ̀ ní 24 náírà, èrè rẹ̀ jẹ́ 12 náírà, bí P/E ṣe di 2 nìyẹn. A wá ìlà èrè tó ti ara ìyípadà owó òkèèrè wá, a yọ owó orí tó bá a tan kúrò. Náírà 7 nínú 12 ló ti ibẹ̀ wá. Ohun tí iṣẹ́ báńkì gan-an pa, ìyẹn èlé orí owó tí wọ́n yá àwọn èèyàn àti owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà, kò ju náírà 5 lọ. Nígbà tí a fi 5 pín 24, P/E di 4.8. Báńkì kejì ń lọ ní 20 náírà, ó pa náírà 4, kò sí èrè dọ́là nínú rẹ̀, P/E rẹ̀ sì dúró sí 5. Ìyàtọ̀ 2 sí 5 tí báírò pupa yí po ti di 4.8 sí 5.

Ẹni tí kò bá fẹ́ tú ìwé jinlẹ̀ lè fi ohun kan dá èyí mọ̀. Bí èrè báńkì bá di ìlọ́po mẹ́ta lọ́dún kan, tí owó èlé àti owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì di ìlọ́po méjì, kí ó lọ wá ibi tí ìyókù ti wọlé.

Iye ṣíà tí ilé-iṣẹ́ ní níta náà tún ń dani láàmú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì gbé owó ìdásílẹ̀ wọn ga. Ti báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun di bílíọ̀nù 500 náírà. Ọ̀pọ̀ wọn ta ṣíà tuntun. Èrè orí ṣíà kan tó wà nínú ìwé àná jẹ́ ti iye ṣíà àná. Bí ṣíà bá fi ìdá mẹ́rin lé sí i, èrè náírà 5 yẹn á di 4 kí owó tuntun náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, P/E á sì di 6. Iye ṣíà tó wà níta lónìí ni kí a máa fi pín.

Èrè ọdún tó ń bọ̀

Ọjọ́ iwájú ni ẹni tó ń ra ṣíà ń rà, nítorí náà ọ̀nà yìí bá ọgbọ́n mu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èrè dọ́là àná kò ní sí nínú rẹ̀ mọ́, àdánù àná náà kò ní sí. Ìṣòro rẹ̀ ni ta ló sọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá díẹ̀ ni àwọn olùṣàyẹ̀wò ọjà ń tẹ̀ lé lọ́dọ̀ wa, àsọtẹ́lẹ̀ wọn sì lè ga ju ohun tó padà wọlé lọ. Bí alágbàtà yín bá fún yín ní P/E ọdún tó ń bọ̀, ẹ béèrè àsọtẹ́lẹ̀ tó ṣe ní èṣí, kí ẹ gbé e ka ẹ̀gbẹ́ ohun tó wọlé. Bí ó bá ti fi ìdá mẹ́ta ju òótọ́ lọ ní èṣí, ẹ ti mọ bí ẹ ó ṣe gbọ́ tọdún yìí.

Àwọn kan máa ń mú èrè oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ọtí ti fi ọjà ọdún Kérésìmesì sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ èrè oṣù méjìlá tó sún mọ́ òní jù, láìsọ àsọtẹ́lẹ̀, ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ mú èrè ọdún tó kọjá lódindi, kí ẹ fi èrè oṣù mẹ́fà ọdún yìí kún un, kí ẹ sì yọ èrè oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ti èṣí kúrò. Bí èṣí bá jẹ́ 10 náírà, tí oṣù mẹ́fà ọdún yìí jẹ́ 6, tí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ èṣí sì jẹ́ 4, oṣù méjìlá tó tẹ̀ lé ara wọn pa 12 náírà. Ìwé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi sórí ojú-òpó ọjà ṣíà Èkó tó fún èyí.

Èrè tí a tẹ́jú láti ọdún púpọ̀

Ilé-iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ ń lọ sókè sódò ni èyí wà fún: símẹ́ǹtì, ìyẹ̀fun, epo rọ̀bì, ọtí. Lọ́dún tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pàdánù, P/E rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ìtumọ̀. Lọ́dún tí èrè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, P/E á fò dé 80, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ọ̀wọ́n ni.

Ní Amẹ́ríkà, ohun tí onímọ̀ ọrọ̀-ajé Robert Shiller sọ di gbajúmọ̀ ni kí a mú èrè ọdún mẹ́wàá, kí a fi ọ̀wọ́n-gógó ọjà tún un ṣe, kí a sì wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Ẹ má ṣe mú ọdún mẹ́wàá wá sí Nàìjíríà láìtún un ṣe. Náírà tí ilé-iṣẹ́ kan pa lọ́dún 2015 kì í ṣe ẹgbẹ́ náírà òní, ìpíndọ́gba náà á sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ṣíà á fi dà bí ọ̀wọ́n.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún wa ni kí a fi owó àwọn onípìn-ín, ìyẹn ohun ìní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn gbèsè, wọn èrè. Ẹ jẹ́ ká ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan pa ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó onípìn-ín lọ́dún kìíní, lẹ́yìn náà 34, lẹ́yìn náà 28, ó pàdánù 20 lọ́dún kẹrin, ó sì pa 20 lọ́dún karùn-ún. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 92, tí a bá pín in sí márùn-ún, ó fi díẹ̀ ju 18 lọ. Bí owó onípìn-ín bá jẹ́ 40 náírà lórí ṣíà kan lónìí, èrè tí a lè pè ní tirẹ̀ lọ́dún lásán jẹ́ nǹkan bí 7 náírà àti kọ́bọ̀ 36. Òun ni a ó fi pín iye tí wọ́n ń ta ṣíà kan. Ibi tí ọ̀nà yìí ti kùnà ni ilé-iṣẹ́ tí àdánù ti jẹ owó onípìn-ín rẹ̀ tán tàbí tó ti sọ ọ́ di òdì. Níbẹ̀, kò sí ohun tí a lè fi wọn èrè mọ́.

Iye P/E tó tọ́ sí i

Ọ̀nà mẹ́ta òkè yìí ń bá wa tún ìsàlẹ̀ ìpín náà ṣe. Kò sí èyí tó sọ ìdí tí báńkì kan fi yẹ kó gba 6, tí òmíràn kò fi yẹ kó ju 3 lọ. Bí gbogbo báńkì bá ti wọ́n jù, èyí tí kò wọ́n tó ìyókù láàárín wọn náà ṣì lè wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣe ìṣirò yìí:

```
P/E = d / (r - g)
g = (1 - d) × ROE
```

Lẹ́tà d ni apá tí wọ́n ń san fún wa nínú èrè. ROE ni èrè tí wọ́n ń pa lórí owó onípìn-ín. Èyí tí wọn kò san fún wa, inú iṣẹ́ ló padà sí. Iye rẹ̀ àti ROE ló ń bí g, ìdàgbàsókè èrè. Lẹ́tà r ni ohun tí a ń béèrè lọ́dún kí a tó gbà láti fi owó wa sínú ewu yẹn. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí bọ́ǹdì ìjọba ń san, ká tó fi owó ewu lé e. Èrè ọdún tó ń bọ̀ ni P/E yìí dúró lé.

Mo fi èyí yẹ báńkì méjì Àǹtí wò, r jẹ́ 25% fún àwọn méjèèjì. Báńkì kìíní pa 5 náírà lórí owó onípìn-ín tó jẹ́ 25 náírà, ROE rẹ̀ jẹ́ 20%. Èkejì pa 4 náírà lórí 13 náírà àti kọ́bọ̀ 33, ROE rẹ̀ jẹ́ 30%. Àwọn méjèèjì ń san 40% èrè wọn. Ìdàgbàsókè ti kìíní jẹ́ 12%, ti èkejì jẹ́ 18%. P/E tó tọ́ sí kìíní jẹ́ 0.4 tí a fi 0.13 pín, ìyẹn nǹkan bí 3.1. Ti èkejì jẹ́ 0.4 tí a fi 0.07 pín, ìyẹn 5.7.

Ẹ wá wo ohun tí ọjà ń san. Bí èrè kìíní bá dé 5.6 náírà lọ́dún tó ń bọ̀, 24 á di P/E 4.3. Bí ti èkejì bá dé 4.72, 20 á di P/E 4.2. Ní ojú lásán, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjà ń san 4.3 fún èyí tí 3.1 tọ́ sí, ó sì ń san 4.2 fún èyí tí 5.7 tọ́ sí. Èyí tí báírò pupa yí po gan-an ló wọ́n.

Àǹtí bi mí léèrè pé, "Ṣé kí wọ́n kúkú máa da èrè padà sínú iṣẹ́ ni, kó lè dàgbà, kí P/E rẹ̀ lè ga?" Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ́jọ́ náà, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣìnà nìyẹn. Ẹ ní kí báńkì kejì san 80% dípò 40%. Ìdàgbàsókè rẹ̀ á wálẹ̀ sí 6%, P/E tó tọ́ sí i á wálẹ̀ láti 5.7 sí 4.2. Ó yẹ kó máa da owó padà sínú iṣẹ́, torí ó ń pa 30% lórí owó tí a ń béèrè 25% lé lórí. Ẹ ṣe ohun kan náà fún báńkì kìíní: ìdàgbàsókè á wálẹ̀ sí 4%, àmọ́ P/E tó tọ́ sí i á gòkè láti 3.1 sí 3.8. Owó tó ń dá padà sínú iṣẹ́ ń pa 20% níbi tí àwa ti ń béèrè 25%, nítorí náà bó ṣe ń dàgbà ló ń jẹ wá lówó. Tí ROE àti r bá dọ́gba, bóyá wọ́n san 40 ni o, bóyá wọ́n san 80 ni o, P/E á jẹ́ 4 láìyẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ilé-iṣẹ́ kan ń dàgbà kíákíá, ROE rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè.

Èlé ìlú pẹ̀lú ń gbé P/E sókè sódò. Láti oṣù Keje ọdún 2023 sí oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé tó fi ń darí ọjà láti 18.75% dé 27.5%. Bí r bá gòkè, P/E tó tọ́ á wálẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ kò tilẹ̀ ṣe àṣìṣe kankan. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi P/E ibẹ̀ wọn ti Èkó. Níbi tí r ti jẹ́ 10%, ilé-iṣẹ́ tó ń pa 12%, tó sì ń san ìdajì èrè, yẹ ní 12.5. Pé ṣíà Èkó kan ń lọ ní 4 kò túmọ̀ sí pé kò wọ́n tó ìyẹn.

Ìṣirò yìí ní àléébù tirẹ̀, ó sì lágbára. Bí mo bá sọ pé r báńkì kejì jẹ́ 27% dípò 25, 5.7 á di 4.4, bí mo bá sọ pé ó jẹ́ 23%, á di 8. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀, mẹ́ta ni mo máa ń kọ. Bákan náà, kò sí báńkì tó lè dàgbà 18% títí láé bí ọ̀wọ́n-gógó ọjà bá rọlẹ̀. Nígbà náà, r àti g ni kí a jọ fà wálẹ̀. Bí èrè dọ́là bá sì yọ́ wọ inú ROE, gbogbo rẹ̀ dàrú. Ẹ fi náírà 12 ti báńkì kìíní ṣe é: ROE á di 48%, g á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29%, ó ti ju r lọ, ìdáhùn á sì di òdì. Nígbàkigbà tí ìṣirò yín bá gbé òdì jáde, ẹ padà lọ wo èrè tí ẹ fi sínú rẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó kàn fẹ́ já orúkọ ogún sí márùn-ún lálẹ́ ọjọ́ kan, kó lo èrè oṣù méjìlá tó sún mọ́ òní jù, lẹ́yìn tó bá ti yọ ohun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kúrò. Ó tó fún iṣẹ́ yẹn, kò sì tó láti fi ra ṣíà.

Ẹni tó ń wo ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kúrò nínú àdánù, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun, kò ní nǹkan gidi láti rí nínú àná. Èrè ọdún tó ń bọ̀ ni kó lò, tí ẹni tó sọ ọ́ bá ti sọ òótọ́ rí. Ẹni tó ń ra símẹ́ǹtì tàbí ìyẹ̀fun, èrè tí a tẹ́jú ni kó mú, pàápàá lọ́dún tí gbogbo èèyàn bá ń yọ̀ sí èrè rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fi owó tó ṣòro fún un láti rí padà ra ṣíà báńkì, irú bí owó ìfẹ̀yìntì, kó ṣe ìṣirò kẹrin. Wákàtí méjì àti ìròyìn ọdọọdún mẹ́ta ló gbà. Tí kò bá lè ṣe é, kó bi alágbàtà rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ROE rẹ̀ láìsí èrè dọ́là, èló nínú èrè ni wọ́n ń san, kí ni bọ́ǹdì ìjọba ń san báyìí.

Àǹtí kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀yìn ìwé yẹn pẹ̀lú báírò pupa kan náà, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí alágbàtà wọn kí a tó jẹun.